Ẹran Kì í Di Ọ̀rá

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2024, Àpèkẹ́, aya Ṣótúndé, kú. Ọjọ́ Àìkú ni. Ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ọkọ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni ó ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní irin gbígbé ní Sábóńgàrí, àdúgbò àwọn àlejò nílùú àwọn Hausa, ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Enugu Road, níbi tí ilé oúnjẹ Ìyá Virtue wà nísàlẹ̀. Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìmù yẹn ni Àpèkẹ́ ti ń ránṣọ. Bí ẹni tuntun bá wọlé, kò sí ohun tí wọn yóò jẹ́ kó fọwọ́ kàn kí Àpèkẹ́ tó jáde pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Yóò wọn apá, yóò wọn ìbàdí. Tó bá kan ìbàdí, yóò ní kí onítọ̀hún mí síta tán pátápátá, nítorí ó ti rí i pé gbogbo ọkùnrin ló ń fa ikùn sínú níwájú téèpù. Lẹ́yìn náà ni yóò fi bírò pupa kọ orúkọ àti iye ínṣì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ti kún láti òkè dé ìdajì. Orúkọ àkọ́kọ́ lókè pátápátá ni ti ọkọ rẹ̀: Ṣótúndé, apá mẹ́tàdínlógún, ìbàdí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Láti ìgbà tí ó ti kú, téèpù náà wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣótúndé náà kò sì fọwọ́ kan irin. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn, yóò jókòó sórí àga oníke, yóò máa wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń làágùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n bá gbé wá fún un ló ń jẹ. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ gbé búrẹ́dì wá, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, ìyàwó onílé rẹ̀ tó jẹ́ Hausa ń fi másà, àkàrà ìrẹsì wọn, ránṣẹ́ ní àràárọ̀ Friday. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Jíjẹ kò gba ìrònú.

Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, aṣọ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Àwọn ará ìjọ sì ń yọ̀. Wọn yóò dì mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn, wọn yóò ní, "Bàbá, ẹ ti sanra o, Ọlọ́run ń tọ́jú yín." Ṣótúndé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ara rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ tó tó ìyẹn í kóni nírìíra. Ọkùnrin tó ń gbé ọgọ́rùn-ún kílò sókè, wọn a ní ó sanra. Ọkùnrin tó jókòó sórí àga fún ọdún kan tó ń jẹ búrẹ́dì, òun náà sanra. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kí àwọn méjèèjì, wọn kò sì rí i pé nǹkan méjì ni wọ́n ń wò.

Láti inú ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ni Olújìmí ti ń jẹun.

Olújìmí yìí, Ṣótúndé fúnra rẹ̀ ló gbà á láyè. Ó nílò ẹni tí yóò máa dúró ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí òun kò lè dìde. Olújìmí wá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó máa ń wọ ẹ̀wù tó jẹ́ pé ọmọ ọdún méjìlá ló yẹ kó wọ̀ ọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ara. Kò tíì pé oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta páúdà. Kríátíìnì ni orúkọ páúdà náà, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣótúndé lò ó fún ọdún mọ́kànlá, ṣíbí kékeré kan lójúmọ́ nínú omi. Ó máa ń fún èèyàn lágbára díẹ̀ sí i lábẹ́ irin, ìwọ̀nba ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ohun tí Olújìmí fi kún un ni irọ́. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó rà á pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró láéláé, nítorí ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró, gbogbo iṣan tó ti kó jọ yóò rọ̀, yóò sì di ọ̀rá. Ọgbọ́n aláìnítìjú ni. Ta ni yóò dẹ́kun rírà á?

Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, kì í sọ̀rọ̀. Ẹnu ló fi ń nà sí ìdí ilẹ̀kùn, níbi tí Ṣótúndé jókòó sí. Wọn yóò yíjú wo ikùn bàbá náà, wọn yóò wo orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn, wọn yóò sì mi orí. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó lo páúdà tẹ́lẹ̀ rí. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò lò ó mọ́.

Ṣótúndé rí wọn. Fún oṣù mélòó kan, kò wí nǹkan kan. Ó ronú pé ẹni tó bá lè gba irú rẹ̀ gbọ́ yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń jẹ owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ì bá sì ti máa wò wọ́n lọ, bí kò bá ṣe ti Pamílẹ́rìn.

Olúwapamílẹ́rìn ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Sábóńgàrí ni wọ́n bí i sí, aláàrù ni ní ọjà aṣọ Kantin Kwari. Òṣùká rẹ̀ kì í kúrò léjìká rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè tí ìdì aṣọ bá wúwo ju agbára ẹlòmíràn lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, iléeṣẹ́ kan tó ń pèsè ẹ̀ṣọ́ fún èbúté Warri pè é. Iṣẹ́ olówó oṣù ni, ibùgbé wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì rán an lọ kọ́ iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ojú omi. Ohun méjì ni wọ́n ń béèrè: kí dókítà fọwọ́ sí ìwé pé ara rẹ̀ dá, kí ó sì wá gbé ẹrù níwájú àwọn ọ̀gá wọn ní Kaduna. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un láti fi parí méjèèjì.

Ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà obìnrin kan ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín máa ń sẹ́ dànù, tirẹ̀ sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bi í bóyá ó ń lo páúdà kankan. Pamílẹ́rìn ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣíbí ńlá mẹ́rin lójúmọ́, bí Olújìmí ṣe ní kó ṣe. Dókítà náà ní ìdọ̀tí yẹn àti páúdà yẹn, orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí inú èkejì ni èkíní ti ń wá. Ẹni tó ń da páúdà sínú, iye náà lè ga láìjẹ́ pé kídìnrín ṣẹ nǹkan kan. Ó ní, "Mi ò sọ pé kídìnrín rẹ bàjẹ́. Mi ò sì lè fọwọ́ sí i pé kò bàjẹ́. Dá páúdà yẹn dúró kí n lè rí òótọ́." Ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kó má gbé ẹrù wúwo fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kó má sì jẹ ẹran ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, nítorí àwọn yẹn náà máa ń gbé iye ọ̀hún sókè.

Ohun tó rọrùn púpọ̀ ni. Pamílẹ́rìn sì kọ̀ ọ́. Ó ní tí òun bá dá a dúró, òun yóò ti di ọ̀rá kí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó pé, ojú wo ni òun yóò fi lọ gbé ẹrù ní Kaduna? Tí òun kò bá sì dá a dúró, dókítà kò ní fọwọ́ sí ìwé. Báyìí ni ọmọkùnrin tó lè gbé ìdì aṣọ tí ọkùnrin mẹ́ta ń bẹ̀rù ṣe jókòó ní ilé oúnjẹ Ìyá Virtue ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé.

Ìyá Virtue ń gé ẹran sórí pátákó. Obìnrin ará Ìjẹ̀bú ni, ẹnu rẹ̀ mú, ogún ọdún ni ó ti fi ń ra ẹran lọ́wọ́ àwọn alápatà Fagge. Olújìmí wà níbẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì. Ṣótúndé wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀. Pamílẹ́rìn ro ẹjọ́ rẹ̀ fún gbogbo ilé. Olújìmí sì fẹsẹ̀ múlẹ̀: kó wá dókítà mìíràn, kó má dáwọ́ dúró, àwọn dókítà kò mọ nǹkan kan nípa ara àwọn tó ń gbé irin.

Ìyá Virtue kò gbójú sókè. Ó fi ọ̀bẹ ya ẹran náà sọ́nà méjì: ó gbé pupa sápá kan, ó gbé funfun sápá kejì.

Ó ní, "Jìmí, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Olújìmí ní ẹran ni.

"Èyí tẹ́gbẹ́ ọ̀tún ńkọ́?"

Ó ní ẹran náà ni.

"Ẹran náà ni lẹ́nu rẹ. Má lọ bá àwọn Hausa ní Fagge pẹ̀lú ẹnu yẹn, wọn á ta ọ̀rá fún ọ lówó ẹran. *Tsoka* nìyí, èyí pupa. *Kitse* nìyí, ọ̀rá funfun. Orúkọ méjì, iye méjì. Mo ti ń ra tsoka láti ogún ọdún, mi ò tíì gbé e délé rí kí n bá a pé ó ti di kitse. Tó bá lè ṣẹlẹ̀, mi ò bá ti mú alápatà mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

Àwọn tó ń jẹun rẹ́rìn-ín. Olújìmí náà rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu rẹ̀.

"Màmá, ẹran tó ti kú nìyẹn. Ara alààyè la ń sọ."

Ó wá ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó na ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ní ọjọ́ mìíràn, gbogbo wọn ì bá wò, wọn ì bá mi orí, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká Pamílẹ́rìn lára gan-an, kò sì lè ṣe bí ọmọlúàbí mọ́. Ó yíjú sí bàbá náà tààrà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Kí ló sọ yín dà báyìí, tí kì í bá ṣe páúdà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Wọ́n ti kí i, wọ́n ti gbàdúrà fún un, wọ́n ti ní ó sanra, wọ́n ti na ẹnu sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó bi í. Ṣótúndé gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi kú. Mi ò gbé irin mọ́. Mo sì ń jẹun. Ìyẹn náà ni."

Ó wo Olújìmí, kò yára.

"Ọjọ́ tí mo fi páúdà sílẹ̀ ni mo fi irin sílẹ̀, ni mo fi ohun gbogbo sílẹ̀. Iṣan tí a kò lò gbẹ dànù. Oúnjẹ tí mo ń jẹ lórí àga ló di ọ̀rá. Ọ̀tọ̀ lohun tó lọ, ọ̀tọ̀ lohun tó dé. Ikú Àpèkẹ́ lo ń na ẹnu sí látọjọ́ yìí, ìwọ dókítà ara. O ń fi ta ọjà."

Olújìmí wo àwo ìrẹsì rẹ̀. Ìyá Virtue tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran.

Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, Ṣótúndé rí i pé òun náà kò sàn jù wọ́n lọ. Ó ti kẹ́gàn gbogbo wọn fún odidi ọdún kan nítorí ohun tí wọn kò mọ̀, òun tó mọ̀ sì jókòó, ó pa ẹnu mọ́, ó ń jẹ búrẹ́dì wọn. Ó dìde. Ó ní kí Pamílẹ́rìn tẹ̀lé òun lọ sókè. Olújìmí náà tẹ̀lé wọn, nítorí ojú ń tì í láti jókòó.

Lókè, Ṣótúndé nawọ́ sí ìṣó, ó mú téèpù náà. Eruku bò ó. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún láti orí dé ìdí, ó lọ́ra díẹ̀ níbi tí nọ́ńbà ti pa rẹ́ nítorí àtàǹpàkò ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ó wọn Pamílẹ́rìn. Apá rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Tó dé ìbàdí, ó ní, "Mí síta. Tán pátápátá." Ó jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Lórí ìwọ̀n, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Lórí bẹ́ǹṣì, ó ti ọgọ́rùn-ún kílò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wá kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ó ní tí Pamílẹ́rìn bá dá páúdà dúró, tó ń gbé irin rẹ̀ bó ṣe ń gbé e, tó ń jẹun bó ṣe ń jẹ ẹ́, kí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó pé, kílò kan sí méjì yóò lọ. Apá yóò dín díẹ̀. Ìbàdí kò ní kúrò níbi tó wà. Irin tó ń tì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, yóò tì í lẹ́ẹ̀meje, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Pamílẹ́rìn bi í pé kí wá ni kílò tó lọ yẹn. Ó ní omi ni. Páúdà náà máa ń fa omi sínú iṣan, bí ẹ̀wà tí Ìyá Virtue rẹ sómi ṣe máa ń wú. Tí omi bá jáde, ẹ̀wà ṣì jẹ́ ẹ̀wà.

Ó na bírò sí Olújìmí. "Kọ tìrẹ."

Kò fẹ́ kọ ọ́. Àwọn mẹ́ta tó ń gbé irin ti dúró, wọ́n ń wò ó. Ó wá kọ ọ́ pé apá yóò rọ̀, ìbàdí yóò fẹ̀ sí i ní ínṣì méjì. Ó fọwọ́ sí i bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé ìfowópamọ́.

Pamílẹ́rìn ṣì ń ṣiyèméjì. Ó ń wo ikùn bàbá náà. Ṣótúndé sì mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun sọ, ikùn yẹn ń ta kò ó. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó wọn ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó mí síta tán: apá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìbàdí, méjìlélógójì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun náà yóò gbé irin fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìlo páúdà, òun yóò sì fi búrẹ́dì sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ogójì kílò ni ó lè tì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà péré. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Pamílẹ́rìn bá a gbé irin náà padà sórí ìkọ́ rẹ̀.

Ó ní, "To, ó dáa, Bàbá. Mo ti dá a dúró."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló le. Pamílẹ́rìn gun orí ìwọ̀n, kílò méjìlélọ́gọ́rin àti ààbọ̀ ló rí. Ó gun un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wo apá rẹ̀ nínú dígí, ó ní ó ti fúyẹ́, aṣọ kò dì mọ́ ọn mọ́. Olújìmí ti ń retí ọjọ́ náà. Ó sún mọ́ ọn wẹ́rẹ́, ó ní, "Ó ti ń yọ́. Mo sọ fún ọ." Ó fi ike páúdà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ṣíbí méjì péré ní alẹ́ yìí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Nígbà tí Ṣótúndé yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ike náà ti ṣí, ṣíbí ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Téèpù ni ó nà.

"Ó ti yọ́, ó ti di ọ̀rá, àbí? Mí síta."

Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n.

Ṣótúndé yíjú sí Olújìmí. "Ọ̀rá tó mú kí ìwọ̀n wálẹ̀, tí kò sì gba àyè kankan. Níbo lo ti rí irú rẹ̀ rà? Mú mi lọ bá alápatà rẹ."

Olújìmí ní ọ̀rá náà kò tíì yọjú ni, ó wà nínú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní bóyá Warri ló ń dúró dè é. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Pamílẹ́rìn kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní, "Haba." Ó da páúdà inú rẹ̀ padà sínú ike, ó dé e, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀ẹ̀meje ló ti ọgọ́rùn-ún kílò. Ṣótúndé fi ìka kan ibi tó ti kọ ọ́ sí lára ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Pamílẹ́rìn kò lọ sí Kantin Kwari fún ọjọ́ méjì. Ìyá Virtue bu ìrẹsì aláìlẹ́ran fún un ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kùn pé dókítà yẹn fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Ní òwúrọ̀, Pamílẹ́rìn gun kẹ̀kẹ́ adaidaita lọ sí ọsibítù. Èsì jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kejì: iye ìdọ̀tí náà ti sọ̀kalẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wà. Dókítà náà wò ó, ó wo èyí àkọ́kọ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ó ní tó bá fẹ́, ó lè tún máa lo páúdà náà lẹ́yìn èyí, ṣíbí kékeré kan, kó sáà máa sọ fún dókítà tó bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Wọ́n wọ̀n ọ́n fún ìgbà ìkẹyìn ní ọjọ́ Saturday. Ìwọ̀n: kílò méjìlélọ́gọ́rin àti ààbọ̀, bó ṣe wà láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Apá: mẹ́rìndínlógún ó dín ìdámẹ́rin ínṣì. Ìbàdí: méjìlélọ́gbọ̀n. Irin: lẹ́ẹ̀meje. Gbogbo jíìmù ń wo Olújìmí. Ó ka ilẹ̀kùn náà lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó wá ní ẹ̀jẹ̀ Pamílẹ́rìn ló dára, irú èyí kò wọ́pọ̀. Ṣótúndé gbọ́ ọ. Ó ti rò pé òun yóò bínú. Kò bínú. Ó wulẹ̀ rí i pé ọkùnrin náà kò tó ẹni tí èèyàn ń bínú sí. Ó sọ fún un pé kó kó ike rẹ̀, kó wá ibòmíràn lọ. Olújìmí ní ta ni yóò wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Ṣótúndé ní òun ni.

Ní Kaduna, Pamílẹ́rìn gbé ẹrù wọn. Ó tẹ Ìyá Virtue láago pé ohun tí wọ́n ní kí òun gbé kò tó ìdì àǹkárá. Ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀lé e, ó wọ ọkọ̀ Warri láti ibùdókọ̀. Kó tó lọ, ó wá sí òkè, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ṣótúndé ní kó máa gbé irin rẹ̀ lọ, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí i pé ó sanra. Pamílẹ́rìn bi í pé kí ni kí òun jẹ́ kí wọ́n wí. Bàbá náà rò ó díẹ̀. Ó ní kí wọ́n béèrè.

Ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn wọn nìyí:

Òṣùká kan, aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá, tí a gbé kọ́ sórí irin kejì láti ìparí.

Ike páúdà kan, ó kù díẹ̀ kó kún, ṣíbí wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀wù Olújìmí kan, tí kò gba ẹnikẹ́ni nínú jíìmù, tí Ìyá Virtue fi ń nu tábìlì.

Àsọtẹ́lẹ̀ méjì lára ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ìfọwọ́sí.

Búrẹ́dì ìjọ, odindi, tí a kò fọwọ́ kàn.

Àga oníke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

Téèpù Àpèkẹ́, nínú àpò ọkọ rẹ̀.

Orúkọ kan lókè pátápátá pẹ̀lú bírò pupa, ní ọwọ́ Àpèkẹ́: Ṣótúndé, apá mẹ́tàdínlógún, ìbàdí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Orúkọ kan náà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ọwọ́ ara rẹ̀: apá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ìdámẹ́rin, ìbàdí mọ́kànlélógójì.